Asọ̀rọ̀mágbèsì: Orúkọ Kì í Ṣe Ẹ̀rí

Àṣà kan gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń kó rédíò àtijọ́ jọ ní abúlé Lágelú àti Akínyẹlé. Bí wọ́n bá ti rí àpótí onípákó tó gbó, tí onílé sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, wọn a ní Rẹdifúṣọ̀n ọdún 1939 ni. Èmi kò gbà. Orúkọ yìí bá ohun gbogbo tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì mu, títí kan rédíò gidi. Àpótí fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kó jẹ́rìí.

Lóòótọ́, ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Ṣùgbọ́n wáyà ni wọ́n fi ń gbé ohùn láti ilé iṣẹ́ wọ ilé àwọn tó ń san owó. Níwọ̀n bí àpótí wọn kò ti wá ohùn kankan nínú afẹ́fẹ́, kò nílò ojú gíláàsì tí a kọ nọ́ńbà sí, kò sì nílò fáàfù. Sípíkà ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú kókó tí a fi ń gbé ohùn sókè. Àwọn kan a ní olè ti tú irú èyí. Irọ́ ni! Rédíò tí wọ́n tú yóò ṣì ní ihò ńlá tí gíláàsì wà tẹ́lẹ̀, àti ihò kókó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbé àpótí kan tí wọ́n fi hàn mí ní Lálúpọn yẹ̀ wò. Wọ́n ní Rẹdifúṣọ̀n 1939 ni. Ó ní ojú gíláàsì, èyí nìkan ti tó láti já wọn nírọ́. Mo ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀. Fáàfù mẹ́rin wà níbẹ̀: DK96, DF96, DAF96 àti DL96. Lẹ́tà D tó ṣáájú fi hàn pé rédíò oníbátìrì ni, ti ibi tí kò sí iná mànàmáná. Ìbá jẹ́ E, bíi ti ECH81, a ó máa ronú nípa iná ìlú. Lẹ́yìn 1950 ni irú fáàfù yìí jáde. Ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé wọ́n kàn pààrọ̀ ti iná ìlú sí tibátìrì: ẹsẹ̀ méje ni DK96 ní, mẹ́sàn-án ni ti ECH81, ihò wọn kò bára mu.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Fóòtì 1.4 péré ni wáyà inú fáàfù D ń fẹ́ kó tó gbóná; bátìrì ńlá bí 90 ló ń gbé ìyókù. Ẹni tó bá rò pé oníná ni, tó sì so ó mọ́ 220, yóò jó gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ̀yin olùkójọ, ẹ tú ẹ̀yìn àpótí kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Rédíò oníbátìrì tí àgbẹ̀ fi gbọ́ ìròyìn lóko kò nílò kí ẹ yá orúkọ Rẹdifúṣọ̀n fún un kó tó níyì.