Ẹ́ńjìnnì Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́, Kì í Ṣe Dẹ́rẹ́bà

Tírákà pọ̀ nínú àwọn tírélà tó ń gba Bouaké kọjá lọ sí Ferkessédougou àti Burkina Faso. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ ohun tó ń fi ṣe: yóò ní òun fi ń mọ ibi tí dẹ́rẹ́bà yà sí, àti bóyá ó ń ta dísẹ̀lì. Mo ń sọ ọ́ gbangba pé ọlọ́kọ̀ tó ní tírákà, tó ṣì ń fi kìlómítà nìkan pààrọ̀ ọ́ìlì, òun gan-an ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà. Kó yé di ẹ̀bi ru ọmọ ọlọ́mọ.

Jẹnẹrétọ̀ kì í rin ìṣísẹ̀ kan, síbẹ̀ a ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, nítorí wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ la ń kà. Tírélà tó tò sí èbúté Abidjan tàbí sí bọ́dà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kò yàtọ̀ sí i. Ó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kì í gbóná dáadáa, dísẹ̀lì kì í jóná tán nínú rẹ̀. Èyí tí kò jóná á ṣàn sínú ọ́ìlì, á sọ ọ́ di ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, èéfín dúdú á sì dà mọ́ ọn. Ìka kìlómítà kò sún ní gbogbo àkókò yẹn, àmọ́ tírákà ń ka wákàtí náà láti ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní títan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Abidjan sí Ouagadougou tó nǹkan bíi 1,200 kìlómítà, àlọ àtàbọ̀ 2,400. Tí ọkọ̀ bá ń sá 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan, wákàtí 48 nìyẹn. Ká wá ní ẹ́ńjìnnì tún fi wákàtí 22 ṣiṣẹ́ lórí ìdúró: wákàtí 70 ni ìrìn kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ká ní ọlọ́kọ̀ ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní 15,000 kìlómítà, mẹkáníìkì rẹ̀ sì ní wákàtí 300 ni kó má kọjá. Lẹ́yìn ìrìn mẹ́fà, 14,400 ni kìlómítà, ọlọ́kọ̀ á ní ó ṣì kù. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 420. Lẹ́yìn ìrìn kẹrin, tó wà ní 280, ló ti yẹ kó wọ ọgbà mẹkáníìkì.

Àwọn kan á ní wákàtí 20 ṣì kù, kó ṣáà lọ. Rárá o! Ìrìn tó ń bọ̀ á jẹ 70. Tí wákàtí tó kù kò bá tó ìrìn tó wà níwájú, kí ọkọ̀ má gbéra. Òfin tí mo ń béèrè kò ju èyí lọ.

Ohun kejì ni iná bátìrì. Lórí tírákà bíi ti Teltonika, `External Voltage` ni wọ́n ń pè é, mìlífólítì ló sì fi ń kà á. Nínú ọkọ̀ oní-fólítì 24, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí nǹkan bíi `28000`. Tó bá rọ̀ wá sí `27300`, tó tún rọ̀ sí `26400` lọ́sẹ̀ mélòó kan, bẹ́líìtì ti dẹ̀, tàbí ọtanétọ̀ ń kú lọ. Yóò kú lóru, níbi tí kò sí ilé. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títan tí ìka náà sì wà ní `25000`, ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, rédíò ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ má ka irú wákàtí bẹ́ẹ̀ mọ́ tòótọ́.

Tírákà kò rí ohun gbogbo. Kò mọ̀ bí táyà ṣe rí, kò sì mọ̀ pé bíárìnnì ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń jẹ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọkọ̀ dúró ní Bouaké, tó fi nǹkan bíi 350 kìlómítà jìnnà sí Abidjan, kó tó kọrí sí àríwá. Àdúgbò Gonfreville dára fún un. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, kí ọmọ ọkọ̀ máa na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ihò àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìfọwọ́ kàn án. Èyí tí ooru rẹ̀ bá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, búrékì rẹ̀ ló há, tàbí bíárìnnì rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ yọ ẹsẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó gbéra.

Dẹ́rẹ́bà ló mọ ìró tí kò sí níjelòó. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ẹ̀rọ yìí di pàṣán fún un, ìdí nìyẹn tó fi ń já wáyà rẹ̀, tí àkọsílẹ̀ yín fi ní ihò káàkiri. Ẹ yé gé owó rẹ̀ nítorí pé ó dúró. Ẹ san owó ọjọ́ fún un tó bá sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn ń gbóná." Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wákàtí rẹ̀ kò tó ìrìn, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì, kí ó má sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi da ọ́ìlì tuntun sí i, ì báà jẹ́ pé ẹni tó ni ẹrù ń pariwo lórí fóònù.