Àjọ Nìkan Kò Lè Gbé Owó Ilé-Ìwé Ọdún Mẹ́wàá

Ní Ọ̀fà, bí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé, àjọ ni ọ̀pọ̀ òbí wa máa ń gbójú lé. A kò sọ pé kí wọ́n má dá a mọ́. Fún owó táàmù kan tàbí ọdún kan, àjọ dára. Ṣùgbọ́n iye téèyàn dá náà ni yóò kó. Bí ọmọ bá jẹ́ ọmọ ọdún méje lónìí, tí yóò wọ Pọ́lì ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àjọ nìkan kò lè gbé e débẹ̀.

Èrò tiwa ni pé iye ọdún tó kù ni kó sọ ibi tí owó yóò wà.

Ẹ jẹ́ ká wo súkúùkù tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ tà ní oṣù Kẹsàn-án 2017. Ọdún méje ni wọ́n dá fún un. Ẹni tó fi 10,000 náírà rà á ń gba owó ìyálò, kì í ṣe èlé, ìdá 16.47 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Nígbà tó parí ní 2024, owó ìyálò náà ti tó 11,529 náírà, wọ́n sì dá 10,000 rẹ̀ padà. Ó sàn ju àjọ lọ. Síbẹ̀, láàárín ọdún méje yẹn, owó ọjà ní Nàìjíríà fi ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí apá kan owó ọdún àkọ́kọ́ wà nínú ìpín ilé-iṣẹ́, èyí tí à ń pè ní ṣíà. Bí ọjà bá wọ́n, ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lè fowó kún ọjà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíà lè já wálẹ̀ lójijì. Ní oṣù Kẹta 2008, atọ́ka ọjà ìpín wa ju 66,000 lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Òbí tí ọmọ rẹ̀ wọlé lọ́dún yẹn, tí gbogbo owó rẹ̀ sì wà níbẹ̀, kò ráyè dúró kó tún gòkè.

Nítorí náà, ẹni tó ń kó àjọ 120,000 náírà lọ́dọọdún lè pín in sí méjì ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́: ìdajì fún ṣíà, ìdajì fún súkúùkù. Láti ọdún kẹrin, súkúùkù ọlọ́dún méje tuntun kò wúlò fún un mọ́, nítorí ọmọ yóò ti wọlé kó tó parí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́dún mẹ́wàá, ẹ bèèrè kí ẹ tó rà. Owó tuntun ni kó máa lọ sínú bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba, ọlọ́dún méjì tàbí mẹ́ta, tí 5,000 náírà lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ èlé lè ra súkúùkù àtijọ́ tí kò kù ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ lọ́wọ́ alágbàtà ìpín. Nígbà tó bá ku ọdún mẹ́rin, kó máa ta ṣíà díẹ̀díẹ̀, kó má kù rárá nígbà tó bá ku méjì.

Ní ọdún tó kẹ́yìn, kó padà sídìí àjọ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àjọ ti mọ iṣẹ́ ẹ̀.