Iye Tí Fóònù Tíṣà Náà Jẹ́ Gan-an

Tíṣà ọ̀dọ́bìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Bàbáńlá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ àwọn tó ta fóònù fún un. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ₦80,000. Nígbà tí fóònù àtijọ́ rẹ̀ dákẹ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gbé fóònù fún èèyàn kó lè máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Éjẹ́ǹtì ibẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Fóònù náà jẹ́ ₦150,000. Kó san ₦45,000 sílẹ̀, kí ₦105,000 tó kù jẹ́ gbèsè oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú èlé 8 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ohun tí yóò máa san lóṣù kan jẹ́ ₦25,900. Wọ́n tún gba ₦6,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní owó fọ́ọ̀mù àti ìdójútòfò ni. Ó buwọ́ lùwé, ó gba fóònù, ó sì fi ìdùnnú padà sílé.

Ní oṣù kẹta, owó oṣù pẹ́ kó tó wọlé. Fóònù náà tì pa. Kò lè pe ẹnikẹ́ni àyàfi ilé iṣẹ́ tó tà á fún un, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ka ₦500 sí i lọ́rùn lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi wà bẹ́ẹ̀, ó di ₦4,000. Kì í ṣe idán ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ti fi ètò ìdarí kan sínú fóònù náà kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ètò yẹn ló ń gbàṣẹ láti ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ló ti nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù wọn nù nítorí kó lè ṣí, síbẹ̀ tí ètò náà tún padà jókòó sáyè rẹ̀ bí fóònù bá ti rí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ ló kọ́kọ́ bi í ní yàrá àwọn tíṣà pé, "Àbúrò mi, èló gan-an lo ra fóònù yìí?"

"₦150,000 ni, Mà. Èlé rẹ̀ ò sì pọ̀, 8 péré ni."

"Kó gbogbo áláàtì tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí ọ wá, ká jọ rò ó."

Wọ́n rò ó. ₦45,000 ìsansílẹ̀, ₦6,000 fọ́ọ̀mù, ₦25,900 lọ́nà mẹ́fà tó jẹ́ ₦155,400, àti ₦4,000 ìyà ìpẹ́. Gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ ₦210,400 bó bá san tán. Ìyá náà wá pe ọmọ rẹ̀ kan tó ń ta fóònù ní Ìlọrin, ó bi í ní iye tí irú fóònù yẹn gan-an jẹ́ fún ẹni tó bá kówó wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ₦132,000. Tíṣà wa kò tíì béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Ibí ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tó ń ra ọjà ní ìsan díẹ̀díẹ̀ ń ra nǹkan méjì: ó ń ra ọjà, ó sì ń yá owó. Ẹni tó fẹ́ mọ iye owó tí wọ́n yá a ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí ẹni tó ń yá a lówó kọ. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí ọjà náà jẹ́ lówó ọwọ́, kó sì yọ gbogbo ohun tó san lọ́jọ́ kìíní kúrò nínú rẹ̀. Tíṣà san ₦51,000 lọ́jọ́ kìíní. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦132,000, ó ku ₦81,000. ₦81,000 yìí nìkan ni ṣọ́ọ̀bù náà bá a gbé. ₦155,400 ló sì fẹ́ dá padà láàrin oṣù mẹ́fà, láìka ìyà ìpẹ́. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ìlọ́po méjì.

Ẹ wá wo 8 yẹn fúnra rẹ̀. Irú èlé tí a ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ni, èyí tó gbà pé ojú owó kò yẹ̀ títí ọjọ́ ìkẹyìn. Tíṣà mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Àmọ́ ojú owó tirẹ̀ ń dín kù ní gbogbo oṣù, nítorí nínú ₦25,900 tó ń san, ₦17,500 jẹ́ ojú owó, ₦8,400 jẹ́ èlé. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ₦17,500 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó wọn, síbẹ̀ ₦8,400 kan náà ni wọ́n máa gbà lórí rẹ̀. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Bí a bá ṣírò èlé lórí gbèsè tó kù gan-an, 8 yẹn ti lé ní 12 lóṣù. Bí a bá sì fi ₦81,000 ṣe ojú owó gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, ó lé ní 22 lóṣù.

Tíṣà náà tilẹ̀ gbìyànjú láti san gbogbo èyí tó kù lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹrin, kó lè bọ́. Wọ́n ní kò ní dín kọ́bọ̀. Èlé ti wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra ọjà báyìí ni? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù lọ́nà yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kí náírà tó já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà, lè má kábàámọ̀, nítorí owó fóònù fò sókè kọjá èlé tó san. Ẹni tó ń fi fóònù pawó lójoojúmọ́ sì ní ìṣirò tirẹ̀. Ti tíṣà wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ó tọ́jú ₦51,000 tó ní lọ́jọ́ yẹn, tó sì ń kó ₦25,900 sínú àjọ lóṣooṣù, lóṣù kẹrin ni ì bá ti ní ₦154,600. Ì bá ra fóònù náà, kó sì tún mú ₦22,600 lọ sílé, bí iye rẹ̀ kò bá yí padà. Kódà ká ní ó gun sí ₦150,000, owó rẹ̀ ì bá ká a.

Òfin wà lẹ́yìn ẹni tó ń rajà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní kí wọ́n fi iye ọjà han oníbàárà, kí ìwé àdéhùn sì wà ní èdè tó lè yé e. Nítorí náà, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ ní kí wọ́n kọ àròpọ̀ gbogbo ohun tí ẹ máa san sílẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, owó fọ́ọ̀mù àti ìdójútòfò pẹ̀lú. Ẹ béèrè iye tí ìpẹ́ ọjọ́ kan jẹ́, kí ẹ sì béèrè bóyá èlé máa dín kù fún ẹni tó bá tètè san. Éjẹ́ǹtì tó bá ń yí ọ̀rọ̀ padà sí "₦25,900 péré lóṣù" ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá béèrè àròpọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Kó tọ́jú gbogbo áláàtì àti rìsíìtì. Lọ́jọ́ tó bá san èyí tó kẹ́yìn, kó gba ìwé pé gbèsè ti tán, kó sì rí i pé wọ́n yọ ètò ìdarí yẹn kúrò nínú fóònù náà níṣojú rẹ̀. Fóònù tí ètò náà bá ṣì wà nínú rẹ̀ ṣì lè tì, ẹni tó bá sì mọ fóònù kò ní rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.