Ẹ Má Fi Náírà Ṣírò Ìrìn-àjò Tí Ẹ Ó Fi Pọ́ùn San

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń wá síwájú ìgbìmọ̀ léraléra, òun la fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ọmọ bímọ sí Ìlú Ọba, ó ní kí ìyá òun wá bá òun gbé ọmọ pọ̀n. Ìyá kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí a yá òun lówó. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé èló ni gbogbo ìrìn-àjò náà yóò jẹ́, owó ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni wọ́n sábà máa ń dá lé wa lóhùn. Èrò tiwa ni pé owó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì yẹ kó jáde tán láìsí ìwé ìnṣọ́ránsì. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Mánṣẹ́sítà. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni yóò sùn, ibẹ̀ ni yóò ti jẹun. Owó físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà di £127 ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ìjọba wọn a máa yí i padà, nítorí náà iye tó bá wà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san ni kí ẹ wò. Ká ní ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀ jẹ́ £750, ìnṣọ́ránsì £70, ọkọ̀ láti pápákọ̀ dé ilé ọmọ àti àbọ̀ £60, aṣọ òtútù pẹ̀lú owó àpò £300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £1,307. Ẹ fi ₦80,000 kún un fún lílọ tẹ̀ka ní ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé físà àti fún ìwé títẹ̀.

Bí pọ́ùn kan bá jẹ́ ₦2,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,694,000. Ká wá ní ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó pamọ́, nígbà tó fi máa pé, pọ́ùn ti di ₦2,300. Ìrìn-àjò kan náà ti di ₦3,086,100. Owó tó lé jẹ́ ₦392,100, bẹ́ẹ̀ kò ra ohunkóhun kún un. Kì í ṣe àlọ́ là ń pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tó ń fi náírà ka ìfipamọ́ rẹ̀ nígbà náà rò pé òun ń sún mọ́ ọ̀nà ni, ọ̀nà ló ń sá fún un.

Nítorí náà, pọ́ùn ni kí ẹ kọ sínú ìwé ìṣirò yín. Lóṣooṣù, ẹ wo iye pọ́ùn tí owó yín lè rà. Iye tí ẹ ó sì lò ni iye tí báńkì tàbí ẹni tó ń ṣẹ́ owó yóò tà á fún yín gan-an, kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́ nínú ìròyìn, nítorí èyí tí wọ́n ń tà a máa ju èyí tí wọ́n ń kà lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Bí pọ́ùn kò bá gbéra, owó yín ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ìdí tí a fi ní kí owó má jáde lẹ́ẹ̀kan rèé: bí wọn kò bá fún ènìyàn ní físà, wọn kì í dá owó físà padà. Nínú ìṣirò wa yìí, £127 jẹ́ ₦254,000. Bí a bá fi ₦80,000 kún un, ó di ₦334,000. Ìyẹn nìkan ló lè ṣòfò bí ẹnì kan kò bá kánjú ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yá a ní ìyẹn ná. Bí físà bá jáde, kí ìyókù tẹ̀ lé e. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Ìdáhùn a máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìtẹ̀ka, ẹni tó bá sì fẹ́ kó yá kánkán yóò tún san nǹkan bí £500 lọ́tọ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin owó físà.

Àwọn kan a tún máa ní kí a yá àwọn lówó láti fi kún àkáǹtì, kí àwọn òyìnbó lè rí i pé owó wà. A kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ń yẹ ìwé náà wò kì í wo iye owó nìkan, ó ń wo ibi tó ti wá. Bí àkáǹtì oníṣòwò bá ń wọlé ní ₦150,000 lóṣù, tí ₦3,000,000 wá já bọ́ sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìbéèrè ni yóò fà, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ kọ físà. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ṣì ń jẹ èlé ní gbogbo àsìkò náà. Ọ̀nà tó tọ́ wà: òfin wọn gba kí ọmọ tó wà níbẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀. Kí ọmọ kọ lẹ́tà, kó fi ìwé owó oṣù àti ti báńkì rẹ̀ tì í, kí ìyá fi ti tirẹ̀ hàn bó ṣe rí gan-an.

Ó ku ìnṣọ́ránsì. Fún físà àbẹ̀wò, Ìlú Ọba kò fi dandan béèrè rẹ̀ bí àwọn orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ńgẹ́nì ti ń ṣe, tí wọ́n ń fẹ́ ìwé tó lè san ó kéré tán €30,000. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń yọ ọ́ kúrò. Lóòótọ́, ìtọ́jú pàjáwìrì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wọn jẹ́ ọ̀fẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti dá àlejò dúró sí wọ́ọ̀dù ní Ẹ́ńgíláǹdì, ìdá àádọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà ń ná ìjọba ni wọn yóò bu fún un, ìyẹn owó náà àti ààbọ̀ rẹ̀. Gbèsè tó bá tó £500, tó sì lé ní oṣù méjì nílẹ̀, wọ́n lè fi tó àwọn tó ń rí sí wíwọlé létí, ó sì lè di físà míì lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé ìnṣọ́ránsì lásán kò tó. Bí ìyá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó sọ ọ́ kó tó sanwó. Owó rẹ̀ yóò lé díẹ̀. Bó bá fi pa mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ríru náà wá gbé e dé wọ́ọ̀dù, ilé iṣẹ́ náà lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀. Ẹ tún béèrè èló ni ẹ̀yin fúnra yín yóò kọ́kọ́ san kí wọ́n tó dá sí i, kí ẹ sì rí i pé ọjọ́ inú ìwé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbéra, kó sì dé ọjọ́ tí ẹ máa padà.

Ẹ rántí pé onídùúró méjì ló ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó kọ̀ọ̀kan. Bí ilé ìwòsàn bá gba owó tó yẹ kí ìyá náà fi san gbèsè ẹgbẹ́, ọrùn àwọn méjèèjì ló máa bọ́ sí, nílé níbí. Àbá tí a ó gbé wá sípàdé nìyí: owó físà lákọ̀ọ́kọ́, ìyókù lẹ́yìn tí a bá ti rí físà àti ìwé ìnṣọ́ránsì, ẹ̀yáwó láti fi kún àkáǹtì, rárá. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa, kó wá sọ tirẹ̀ lójú ìpàdé, a ó gbọ́.