Ẹ Tọrọ Lẹ́ẹ̀kan, Ẹ Má Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, BBC gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ìdílé tó ń gbé àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Síríà. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni òbí àtọmọ fi ń jókòó síwájú fóònù lójúmọ́, tí wọ́n ń bẹ àwọn tó ń wò wọ́n lórí TikTok pé kí wọ́n fi gífítì ránṣẹ́. Àwọn akọ̀ròyìn náà dán ọ̀rọ̀ ọ̀hún wò: wọ́n fi gífítì tó tó dọ́là 106 ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí àwọn fúnra wọn ṣí. Dọ́là 33 ló wọlé. Ilé ìpààrọ̀ owó tún ń yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lára èyí, àwọn agbódegbà ń mú ìdá márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún lára ohun tó kù, ìdílé tó jókòó síwájú fóònù á wá rí dọ́là 19. TikTok fèsì pé iye tí àwọn ń yọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá, pé àwọn kò sì fàyè gba irú agbe bẹ́ẹ̀.

Síríà jìnnà sí Mọ́níyà, bẹ́ẹ̀ ni ebi ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìṣòro tó wà ní Láàlúpọn tàbí Akànràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ni ọ̀dọ́ tó ń ṣe láìfù nídìí gààrí tàbí lóko ẹ̀gẹ́ ń lò ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn gba owó lọ́wọ́ ẹni tó gbádùn iṣẹ́ ẹni. Ibi tí ọ̀ràn wà ni bí wọ́n ṣe ń fi ìtìjú àti ìkánjú fa owó náà jáde.

Àwọn kan á ní àṣà wa ni, pé ṣebí onígángan náà ń ki èèyàn títí yóò fi tọwọ́ bàpò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó náírà ni ẹni tí onílù dúró tì ń kà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí àpò fẹ́ gbẹ, ó sì lè dìde lọ jẹun. Lórí láìfù, kóìnì ni olùwòran kọ́kọ́ rà. Rósì kan jẹ́ kóìnì kan, ẹ̀bùn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ sì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún kóìnì. Owó ti di àwòrán òdòdó àti kìnnìún kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò sì ní fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ lójúkojú á ti ná jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mọ̀.

Ìdíje tí wọ́n ń pè ní máàṣì ló burú jù. Ẹni méjì á kojú ara wọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, gífítì tí àwọn olólùfẹ́ wọn bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń ka máàkì. Àwọn ìgbà kan wà láàárín rẹ̀ tí máàkì ẹ̀bùn kan á di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ìgbà yẹn gan-an sì ni ariwo máa ń pọ̀ jù. Kò sí ẹni tó ń ronú nípa owó ilé ìwé ọmọ láàárín ariwo bẹ́ẹ̀, torí náà ni wọ́n ṣe fi aago sí i.

Wọ́n á tún ní kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí ẹnikẹ́ni lórí. Ní ìlú ńlá, ó ṣeé ṣe kí àwíjàre yìí dúró. Ní abúlé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìjọ, alájọgbé àti ẹni tí wọ́n jọ ń dá àjọ ló ń wòran. Bí wọ́n bá pariwo pé "ọmọ wa tó wà ní Kánádà ti wọlé o, a ń retí yín!", gbogbo wọn ló gbọ́. Ẹni tí wọ́n dárúkọ á san owó ojú ni. Lọ́jọ́ kejì, kò ní wò wọ́n mọ́.

Kí ló yẹ ní ṣíṣe, nígbà náà? Ká ní ọ̀dọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akànràn ń ṣe fídíò ní ibi tí àwọn ìyá ti ń yan gààrí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ wá bàjẹ́, mẹkáníìkì sì ní títún un ṣe yóò gba 180,000 náírà. Bó bá gbà á nípasẹ̀ gífítì, tí nǹkan bí ìdajì sì ń lọ lọ́nà, àwọn olùwòran ní láti ná nǹkan bí 360,000 kí 180,000 tó dé ọwọ́ mẹkáníìkì. Bó bá jẹ́ pé báńkì ni wọ́n fi ránṣẹ́, ọgọ́ta èèyàn tó mú 3,000 wá ti parí iṣẹ́ náà. Ó sàn kó sọ èyí fún wọn ní gbangba ju kó máa dúpẹ́ lórí òdòdó lọ.

Kó fi ìwé tí mẹkáníìkì kọ hàn, kó sọ iye náà àti ọjọ́ tí yóò pa ilẹ̀kùn dé, kó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ wá wò ó. Àpapọ̀ ohun tó ti wọlé ni kó kọ síta, kì í ṣe orúkọ ẹni tó san án. Ọpẹ́ kan náà ni kó ṣe fún ẹni tó mú 200 náírà wá àti ẹni tó mú 20,000 wá. Nígbà tí oríkì bá ń gùn bí owó ṣe ń pọ̀, ó ti di títà.

Àpẹẹrẹ ìjíhìn wà nílẹ̀ yìí. Nígbà ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn obìnrin Feminist Coalition gba owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà lọ́wọ́ àwọn aráàlú. Wọ́n ń tẹ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde síta láàárín ìwọ́de náà gan-an, wọ́n sì kéde lọ́jọ́ 22 oṣù náà pé àwọn kò gba owó mọ́. Ìgbésẹ̀ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lè gbé. Bí 180,000 bá ti pé, kí nọ́ńbà àkáǹtì kúrò lójú fídíò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti àwọn tó wà lókè òkun tún yàtọ̀ díẹ̀. GoFundMe kò gba ẹni tí àkáǹtì báńkì rẹ̀ wà ní Nàìjíríà láyè láti dá ìkówójọ sílẹ̀, nítorí náà ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítọ̀nù ni yóò ṣí i ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹni náà ni owó kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Ó yẹ kí àwọn olùwòran mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dá kọ́bọ̀ kan, kó sì fi ẹ̀rí ọjọ́ tó fi owó náà ránṣẹ́ sílé hàn.

Owó tí ń wọlé fún ẹni tó bá ń ṣe báyìí yóò kéré sí ti ẹni tó ń pariwo, pàápàá ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Kò sí ìdí láti bò ó. Àmọ́ kí ẹni tó ń pariwo náà wo àwọn tó ń fún un: bó bá jẹ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ lóru láti béèrè ìdí tí kò fi kí wọn, ó ti ń jẹ wọ́n ní gbèsè tí kò mọ iye rẹ̀.

Èyí tó kù ni tàwọn ọmọdé. TikTok kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 láyè láti fi gífítì ránṣẹ́, láti ìparí ọdún 2022 ni kò sì ti gbà á láyè láti ṣe láìfù. Fóònù bàbá ló máa ń wà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀rọ kò sì lè mọ ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí bàbá bá dé láti oko tó rí i pé owó irúgbìn ti di kóìnì, tó sì tọ ẹni tó ṣe láìfù lọ, nǹkan bí ìdajì owó náà ni onítọ̀hún lè dá padà bó tilẹ̀ fẹ́, torí ilé iṣẹ́ ti yọ ìyókù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ń ṣe láìfù sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ pé òun kò gba gífítì lọ́wọ́ ọmọdé, kó sì lọ sínú sẹ́tín-ìn láti pa gífítì lọ́jọ́ tó bá mọ̀ pé àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wo òun.