Ẹ̀sùn Mẹ́ta Lórí Iṣẹ́ Tí A Fura Sí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi,

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo ní, ọ̀dọ̀ ara mi ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, mo fi ohun èlò ayẹ̀wò kan yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wò. Ohun èlò náà ní ẹ̀rọ ló kọ ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà. Mo fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní òdo láìpè é. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àjákọ rẹ̀ wá: ojú ewé mọ́kànlá tó fi bírò kọ, tó fagi lé, tó tún kọ, epo pupa sì ti ta sí etí ọ̀kan. Mo dá máàkì rẹ̀ padà, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo ti dájọ́ kí n tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì, ti ohun èlò ayẹ̀wò ni. Kò mọ ẹni tó kọ nǹkan. Ohun tó ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tó kàn rọrùn láti méfò. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ sábà máa ń lo ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣìnà. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sítánfọ́ọ̀dù fún irú ohun èlò méje ní àròkọ 91 tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ fọwọ́ ara wọn kọ. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ohun èlò náà pe èyí tó ju ìdajì lọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT kó ohun èlò ayẹ̀wò tirẹ̀ kúrò nílẹ̀ nítorí kò péye tó.

Ẹ̀sùn kẹta, ti àwọn kan nínú yín ni: ẹ ń kọ̀wé lórí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹnìkan kọ ọ́ pé Olówó-ayé ló kó àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Lángbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ta ló ka ìwé yẹn tí kò mọ̀ pé Àkàrà-ògùn ni? Bàbá rẹ̀ ni Olówó-ayé, Igbó Olódùmarè ló ti ṣe akọni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ìwé lè ṣì í láìsí ẹ̀rọ. Nítorí náà, n ó gé máàkì àṣìṣe, n kò ní pe ẹni tó kọ ọ́ ní olè.

Bí mo bá fura, èmi àti olùkọ́ mìíràn kan yóò pe onítọ̀hún fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó mú àjákọ rẹ̀ wá, tàbí kó ṣí fáìlì rẹ̀ kí a rí bó ṣe ń yí padà lójoojúmọ́. A ó bi í ní ìdí tó fi yan ọ̀rọ̀ kan, àti ibi tó ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè fi Yorùbá fèsì. Bí kò bá ní àjákọ, tí kò sì lè ṣàlàyé, á kọ òmíràn níwájú wa. Bí ìyẹn náà bá jìnnà pátápátá sí ti àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ yóò tó dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Iye tí ohun èlò ayẹ̀wò bá sọ kò ní wọ àkọsílẹ̀ onítọ̀hún.

Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ tó kàn yóò wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ju àjákọ yín nù.