Ẹ pa ohùn kátúùnù yín, ká wò ó

1/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe sìkíìtì kátúùnù, ẹ má bínú sí mi o. Púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ ń gbé jáde kì í ṣe kátúùnù. Rédíò ni, ẹ kàn ya àwòrán sí i lára. Èèyàn méjì á dúró sójú kan, ẹnu wọn nìkan ló ń mì, wọ́n á máa bú ara wọn títí fídíò á fi tán.

2/
Èmi náà jẹ̀bi. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lèmi àti ọ̀rẹ́ mi fi yà á. Mo gbé e fún àbúrò mi, etí rẹ̀ ò gbọ́rọ̀. Ó wò ó tán, ó wojú mi, ó fọwọ́ béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń sọ?" Ojú tì mí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún ojú.

3/
Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: "Ẹnu ni àwàdà Yorùbá wà." Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Bàbá Sàlá mọ ọ̀rọ̀ sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu rárá, gíláàsì ńlá ojú rẹ̀ àti bó-táì gbàǹgbà ọrùn rẹ̀ ti pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Tọ́ọ̀mù àti Jẹ́rì ti wà láti 1940, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá àgbà tí ò gbọ́ Òyìnbó sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

4/
Ẹ jẹ́ ká jọ kọ ọ̀kan. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìyí: ọkùnrin kan ní ìntáfíù láàárọ̀. A rí aago, a rí ṣẹ́ẹ̀tì tó rún jọ. Ó ki wáyà áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lọ apá òsì, ó tẹ́jú bíi bébà. Bó ṣe ní kó bọ́ sí apá ọ̀tún, iná lọ. Ó yọ wáyà, iná dé. Ó tún kì í bọ̀ ọ́, iná lọ. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, òfin eré náà sì ti yé ọmọ ọdún márùn-ún.

5/
Ó wá kan gígun àkàsọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó díbọ́n bíi pé ó ń lọ, ó ń súfèé, ó fò padà gbì sórí áyọ́ọ̀nù: gbogbo ilé ṣókùnkùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dọ̀bálẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó rọra fi igi gígùn ti wáyà wọlé: àdúgbò ṣókùnkùn, ilé kan tẹ̀lé òmíràn. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn fi ìgun ojú wo áyọ́ọ̀nù náà. Oòrùn kú.

6/
Ṣé ẹ rí i? Bí ohun tó ń ṣe ṣe ń kéré sí i ni ohun tó ń bà jẹ́ ń tóbi sí i. Ibí yìí lẹ ti ń bà á jẹ́. Ẹ ń gbá èèyàn létí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta kàn pariwo jù ni. Ẹ dán an wò: ẹ gbé ìkejì sípò ìkẹta. Bí kò bá sí ohun tó yí padà, àsọtúnsọ lẹ kọ, kì í ṣe àkàsọ̀.

7/
Ìparí: ó juwọ́ sílẹ̀, oòrùn tún tàn. Ó dé ibi ìntáfíù, apá kan tẹ́jú, apá kan rún. Ọ̀gá kọ̀yìn sí i. Ẹ dúró, kí ẹnikẹ́ni má mira fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn férémù 24. Ọ̀gá yíjú padà. Apá òsì rẹ̀ tẹ́jú bíi bébà, apá ọ̀tún rún jọ. Wọ́n wo ara wọn. Ẹ tún dúró fún àáyá méjì. Ó parí. Ẹ má fi ẹ̀rín ẹlẹ́rìn-ín sí i, ẹ má kọ nǹkan kan sísàlẹ̀.

8/
Apá ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ la ti gbìn ín. Bí ẹ ò bá sún mọ́ ọn nígbà yẹn kí ojú rí i dáadáa, ìparí ò ní yé ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì kọ "inú bí i" sínú ìwé eré yín. Ta ló fẹ́ ya ìyẹn? Ẹ kọ ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe: ó fi eyín fa wáyà yọ.

9/
Mi ò ní kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i tó bá yá, kó jẹ́ iyọ̀, kó má jẹ́ ọbẹ̀.

Mo fi èyí han àbúrò mi, mi ò ṣàlàyé nǹkan kan. Bí ọ̀gá yẹn ṣe yíjú padà, ó di apá ọ̀tún aṣọ ara rẹ̀ mú, ó ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ pa ohùn tiyín, ká wò ó.